Kí Ni Fíìmù Tí Kò Tíì Parí Ń Tọrọ? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Lẹ́tà sí Rẹ́sídẹ́ǹsì

    

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí olùdarí eré bá ń kọ lẹ́tà sí rẹ́sídẹ́ǹsì láti tọrọ ààyè fún fíìmù gígùn tí kò tíì parí kíkọ, kí ló yẹ kí lẹ́tà náà sọ nípa ohun tí kò tíì sí?

Èsì mi rèé, kí ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ibi tí iṣẹ́ ti ta kókó ni lẹ́tà náà wà fún. Kó sọ ibi tí fíìmù dé, kó tọ́ka sí kókó tí kò tíì tú, kó sì sọ bí ẹni tó kọ ọ́ yóò ṣe tú u láàárín àsìkò tí wọ́n bá fún un. Gbogbo ìyókù, ẹ̀ṣọ́ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kò ní gbà fún mi lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká rìn ín ní ìpele ìpele.

Ìpele Kìíní: Kí la ń pè ní kí ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí rẹ́sídẹ́ǹsì jẹ́, torí mo ti rí àwọn tó rò pé ilé-ẹ̀kọ́ ni, mo sì ti rí àwọn tó rò pé àpò owó ni. Rẹ́sídẹ́ǹsì ni ibi tí wọ́n ti ń fún òǹkọ̀wé tàbí olùdarí ní ààyè, àkókò àti alábàákẹ́gbẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ lórí ìwé eré rẹ̀. Ẹ wo èyí tí àjọ̀dún fíìmù Cannes dá sílẹ̀ ní ọdún 2000. Ìlú Páríìsì ló wà. Olùdarí bíi méjìlá ni wọ́n ń mú lọ́dún, ní ìsọ̀rí méjì, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sì ń lo oṣù mẹ́rin ààbọ̀. Fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tàbí ìkejì lẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ máa kọ. Wọ́n á fún un ní yàrá, wọ́n á fún un ní owó oúnjẹ lóṣooṣù, wọ́n á sì mú un mọ àwọn tó ń ṣe fíìmù jáde. Kò sẹ́ni tí yóò gbé kámẹ́rà fún un. Tábìlì àti àga ló wà níbẹ̀.

Gbogbo wọn kò rí bákan náà o. Torino Film Lab ní ilẹ̀ Ítálì kì í gbé èèyàn sínú ilé fún oṣù mẹ́rin. Ìpàdé mélòó kan ni wọ́n ń ṣe láàárín oṣù púpọ̀, èèyàn á lọ, á padà wálé, á tún lọ. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, Realness wà ní Gúúsù Áfíríkà, Ouaga Film Lab sì wà ní Burkina Faso, tàwọn náà sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn. Ó máa ba lẹ́tà kan jẹ́ níwájú wa kí n tó jókòó.

Ohun kejì ni fíìmù tó ṣì wà lẹ́nu kíkọ. Èyí ni fíìmù tó ti kúrò ní èrò lásán ṣùgbọ́n tí kò tíì dé ibi tí a ti ń pe òṣèré. Ó lè ní ìwé eré kan tàbí méjì tí a ti kọ tí a sì ti fagi lé. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé àṣà òyìnbó ni kéèyàn máa lo ọdún mẹ́ta lórí ìwé eré, pé tiwa ni kí á pe ara wa jọ, kí á pín ipò, kí á sì ya á. N kò gbà. *Ayé* tí Hubert Ogunde gbé sí fíìmù ní ọdún 1979, eré orí ìtàgé ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí alárìnjó bá ń gbé eré kiri ni àwọn òǹwòran ń bá a tún un ṣe: ibi tí wọ́n bá ti pariwo, yóò fi kún un, ibi tí wọ́n bá ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, yóò gé e. Bí alárìnjó ṣe ń kọ ìwé eré rẹ̀ nìyẹn, ojú ọ̀nà ló ti ń kọ ọ́. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ alárìnjó lónìí ní láti wá ibòmíràn tí yóò ti rí ẹni bá a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ohun kẹta ni lẹ́tà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Àwọn ìwé tí wọ́n máa ń béèrè pọ̀. Ìsọnísókí ìtàn wà, tí ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tírítímẹ́ǹtì wà, tí ó ń sọ ìtàn náà ní ìran tẹ̀lé ìran láìsí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Àlàyé olùdarí wà, tí ó ń sọ bí àwòrán àti ìró yóò ṣe rí. Lẹ́tà kò jọ ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti so ohun mẹ́ta pọ̀: ẹni tó ń kọ fíìmù, fíìmù tó ń kọ, àti ilé tó fẹ́ wọ̀. Bí lẹ́tà bá tún ìtàn sọ, ó ti ṣe iṣẹ́ ìsọnísókí. Bí ó bá sọ pé àwọ̀ iná yóò rẹ̀ dòdò, ó ti ṣe iṣẹ́ àlàyé olùdarí. Ta ló máa wá ṣe iṣẹ́ lẹ́tà?

Ìpele Kejì: Èé ṣe tí a ó fi kókó hàn?

Mo ti ń gbọ́ àtakò yín láti ibi tí mo dúró. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣé èmi náà ni n ó wá sọ fún àlejò pé ìwé eré mi ní àbùkù?

Ẹ jẹ́ ká ro ẹni tó ń ka lẹ́tà náà. Òkìtì ìwé ló wà níwájú rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé fíìmù ẹ kò tíì parí, torí àwọn tí kò tíì parí nìkan ni ilé náà wà fún. Nígbà tí lẹ́tà bá sọ pé ìtàn náà dán mọ́rán, pé gbogbo rẹ̀ ti dúró déédéé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa wá sí i lọ́kàn: kí wá ni oṣù mẹ́rin ààbọ̀ fẹ́ ṣe fún ọ? Ẹni tí kò ní ohun tí yóò tú kò ní ìdí tí yóò fi wá. Ìyìn tí ó pọ̀ jù nínú lẹ́tà máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kókó àti àìmọṣẹ́, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. “N kò mọ bí n ó ṣe parí ìtàn mi” kì í ṣe kókó. Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀. “Mo nílò ìrànlọ́wọ́ lórí ìfọ̀rọ̀wérọ̀” kì í ṣe kókó pẹ̀lú, àárẹ̀ ni. Kókó tòótọ́ ṣeé sọ ní ọ̀nà méjì tí fíìmù lè gbà, kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ fíìmù náà. Bí mo bá gba apá ọ̀tún, mo pàdánù èyí. Bí mo bá gba apá òsì, mo pàdánù tọ̀hún. Ẹni tó bá lè sọ ọ́ báyìí ti fi hàn pé òun mọ ìwé eré òun dunjú, ju ẹni tó ń yin tirẹ̀ lọ.

Kókó tó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti ojú tí a fi ń wo ìtàn: ta ni fíìmù yóò máa tẹ̀ lé? Olùdarí ará Húńgárì, László Nemes, gba rẹ́sídẹ́ǹsì Páríìsì kọjá nígbà tí ó ń kọ *Saul fia*, tí òun àti Clara Royer jọ kọ. Àgọ́ ìpànìyàn Auschwitz ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbé kámẹ́rà dé orí òkè kó fi gbogbo ẹ̀rù ibẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò kúrò lára ọkùnrin kan. Ọrùn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ la ń rí, ohun tó kù ń ṣẹlẹ̀ ní bàìbàì lẹ́yìn rẹ̀, etí la fi ń gbọ́ ọ. Ní ọdún 2015 ó gba ẹ̀bùn ńlá ní Cannes, ọdún tó tẹ̀ lé e ó gba Ọ́síkà. Ìpinnu lórí ẹni tí a ó tẹ̀ lé ló mú fíìmù yẹn dúró, orí ìwé ni irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ sì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí a bá dúró di ìgbà tí kámẹ́rà dé, owó ló máa sunkún.

Ìpele Kẹta: Lẹ́tà kan láti òkè dé ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí kò ní àpẹẹrẹ kì í wọlé. Mo ti dá olùdarí kan sílẹ̀ fún ìjókòó yìí, obìnrin, pẹ̀lú fíìmù tí ó ń kọ. Òun àti fíìmù rẹ̀, orí ara mi ni mo ti mú wọn jáde, ṣùgbọ́n àṣà tí fíìmù náà dúró lé kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn fọ́tògíráfà Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀. Wọ́n á ya èyí tó wà láàyè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ti olóògbé fún aláàyè kí wọ́n tó ya àwòrán kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ère ìbejì á mọ ibi tí èyí ti ṣẹ̀ wá.

Orúkọ fíìmù rẹ̀ ni *Aṣọ Táíwò*, rẹ́sídẹ́ǹsì Páríìsì ló sì ń kọ lẹ́tà sí. Báyìí ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ ṣe bẹ̀rẹ̀:

“Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn sinimá. Àṣà wa ń kú lọ, mo sì gbàgbọ́ pé fíìmù mi yóò jí i dìde. Ìtàn ìfẹ́, ìbànújẹ́ àti ìdánimọ̀ ni, tí yóò kan gbogbo ẹ̀dá lára. Rẹ́sídẹ́ǹsì yín tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri yóò ràn mí lọ́wọ́ láti gbé ẹ̀bùn mi dé ibi gíga.”

Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ lẹ́tà yìí, kí ẹ fi ránṣẹ́ fún fíìmù nípa onílù, tàbí nípa apẹja, tàbí nípa ogun Kírìjì. Yóò bá gbogbo wọn lọ. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, kò sì sí fíìmù kankan nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tí ó tún un kọ, ohun tó kọ rèé:

“Ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní ọdún 1974, wọ́n gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá jókòó síwájú kámẹ́rà. Kẹ́hìndé ni, Táíwò rẹ̀, ọkùnrin, ti kú. Fọ́tògíráfà yà á nínú búbà tirẹ̀, ó ní kó lọ pààrọ̀, ó sì tún yà á nínú ṣẹ́ẹ̀tì Táíwò. Nínú yàrá òkùnkùn, ó fi páálí bo ìdajì bébà, ó tẹ ọmọ kan sí ọ̀tún. Ó gbé páálí náà sí ìhà kejì, ó tẹ èkejì sí òsì. Ìyá wọn rí ọmọ méjèèjì papọ̀, ó sanwó. Nígbà tí wọ́n délé, Kẹ́hìndé kọ̀, kò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́.

“Mo ti parí ìwé eré kejì, ojú-ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Nínú rẹ̀, fọ́tògíráfà ni a ń tẹ̀ lé. Ọkàn mi balẹ̀ lórí àwọn ìran inú yàrá òkùnkùn. Ibẹ̀ ni òǹwòran ti ń rí bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá ọmọ kejì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò tán, ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé Kẹ́hìndé, lójú ọ̀nà odò, ní ilé-ìwé tí wọn ò ti mọ̀ bóyá kí wọ́n pè é lọ́kùnrin tàbí obìnrin. Bí mo bá dúró ti fọ́tògíráfà, ìgbà tí ọmọ náà bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá nìkan la ó máa rí i. Bí mo bá tẹ̀ lé ọmọ náà, mo pàdánù yàrá òkùnkùn.

“Nínú oṣù àkọ́kọ́, mo fẹ́ fi ojú Kẹ́hìndé nìkan tún àárín ìwé eré náà kọ, láìwọ yàrá òkùnkùn rárá, kí n lè mọ ohun tó kú nínú fíìmù àti ohun tó yè. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ dán ọ̀nà kẹta wò: kí Kẹ́hìndé di ọmọ tó ń pọn omi tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, kó máa wọ yàrá náà, kó sì rí bí wọ́n ṣe dá Táíwò rẹ̀ padà. Ìbẹ̀rù mi ni pé ọ̀nà yìí lè rọrùn jù. Ìwé eré kẹta ni mo fẹ́ gbé jáde nílé yín.

“Fídíò ìgbéyàwó ni mo fi ń jẹun. Òpin ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá láìjẹ́ pé mo lọ síbi iṣẹ́, n kò sì tíì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó ti ìwé eré yìí láìdìde rí. Mo sì tún nílò àwọn òǹkàwé tí kò mọ ìbejì. Nílé, gbogbo ẹni tó kà á ló ti mọ ìdí tí ìyá náà fi fẹ́ fọ́tò. N kò mọ ibi tí ìdákẹ́jẹ́ mi ti ń sọ̀rọ̀ fún àjèjì àti ibi tó ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

“Olóòtú kan ti fọwọ́ síwèé pé òun yóò bá mi ṣe fíìmù náà. A kò tíì ní owó yíyà. A kò ní lo fọ́tò ìdílé ẹnikẹ́ni. Gbogbo àwòrán inú fíìmù la ó yà fúnra wa pẹ̀lú òṣèré.”

Ó parí síbẹ̀. Kò kọjá ojú-ìwé kan.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kò sọ ohun tí fíìmù náà dá lé; ó ṣe é lójú wa, ó sì dúró lórí ohun tí ọmọ kan kọ̀ láti ṣe. Páálí tó bo ìdajì bébà yẹn, òun ló jẹ́ kí òǹkàwé gbà pé ẹni yìí ti wọ inú yàrá òkùnkùn rí. Rungano Nyoni, tí wọ́n bí ní Sáńbíà tí ó sì dàgbà sí Wẹ́ẹ̀sì, lọ gbé ní àgọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ ní ilẹ̀ Gánà kó tó ya *I Am Not a Witch* tó jáde ní ọdún 2017. Nínú fíìmù náà, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù funfun gígùn so àwọn obìnrin mọ́ kẹ̀kẹ́ òwú ńláńlá kí wọ́n má baà fò lọ. Ríbọ́ọ̀nù yẹn nìkan, bí a bá kọ ọ́ sí ìlà méjì, ó ti sọ fíìmù tán. Ohun tí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ń wá nìyẹn: ohun kan tí a lè fojú rí, tí kò sí nínú fíìmù ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìpínrọ̀ kan péré ló lò lórí rẹ̀. Ewu wà nínú fọ́tò ìbejì. Ó dùn-ún sọ fún àjèjì, àjèjì á yà á lẹ́nu, ẹni tó ń kọ lẹ́tà á sì máa bá ìyanu náà lọ títí ojú-ìwé á fi kún. Ìgbà náà ni lẹ́tà di ẹ̀kọ́ nípa Yorùbá. Wọn kò pè wá síbẹ̀ láti kọ́ wọn ní àṣà.

Ìpínrọ̀ kejì lọ́kàn mi wà lára rẹ̀ jù. Ojú-ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ìwé kejì: ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀ pé ojú-ìwé kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lójú agbo, nítorí náà ó ti mọ bí fíìmù náà ṣe gùn tó, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti wó o kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kókó jáde pẹ̀lú ọ̀nà méjèèjì àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ó sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kó tó sọ ibi tí kò balẹ̀. Ẹni tó bá sọ èkejì nìkan, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ìpínrọ̀ kẹta máa ń dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n á ní, bí mo bá ti sọ ohun tí n ó gbìyànjú, tí mo sì dé ibẹ̀ tí n kò ṣe é ńkọ́? Kò sí ohun tó burú. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ìwé eré á yí padà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá o mọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, bóyá o lè gbé ìgbésẹ̀ kan kí o sì mọ ohun tí ìgbésẹ̀ náà wà láti fi hàn. Gbólóhùn tó sọ pé ọ̀nà kẹta “lè rọrùn jù” tó ojú-ìwé mẹ́wàá ìyìn. Ó fi hàn pé obìnrin yìí ń bá ara rẹ̀ jiyàn.

Ìpele Kẹrin: Ilé wo ni?

A padà sí ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ká ní obìnrin wa fi lẹ́tà yìí kan náà ránṣẹ́ sí Torino Film Lab, tí ó yí orúkọ ilé padà, tí kò yí nǹkan míì. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìpínrọ̀ kẹrin ti pa á. Ó ní òun kì í rí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó nílé. Bẹ́ẹ̀ ilé rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ yẹn yóò rán an padà sí láàárín ìpàdé kan sí èkejì, kó lọ kọ ìwé eré rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbéyàwó àwọn èèyàn. Ìdí tó lágbára jù níwájú Páríìsì ti di ẹ̀rí lòdì sí i. Sí ibi tí ó jẹ́ ti ìpàdé, ọ̀rọ̀ àwọn òǹkàwé tí kò mọ ìbejì ló yẹ kó ṣíwájú, kó sì sọ bí yóò ṣe rí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ láàárín ìpàdé, bóyá nípa kíkọ̀ iṣẹ́ àwọn oṣù kan sílẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀dọ̀ àwọn ilé tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Níbẹ̀, ìdí kejì yẹn, ti àwọn òǹkàwé tí kò mọ ìbejì, lè dínkù, torí ẹni tó ń kà á lè jẹ́ ará Gánà tàbí ará Kamẹrúùnù tí tirẹ̀ náà mọ ohun tí ìbejì jẹ́ nílé wọn. Kókó fíìmù kò yí padà. Ìdí tí ilé yìí fi yẹ kó tú u ló yí padà. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé lẹ́tà so ohun mẹ́ta pọ̀: bí ìkẹta bá yí, okùn náà gbọ́dọ̀ yí.

Ìpele Karùn-ún: Ohun tí a ń fi pamọ́

N ó yára nínú èyí. Àwọn èèyàn wa ń bẹ̀rù olè. Wọ́n á kọ ìtàn dé ìdajì, wọ́n á ní “ìyókù di ìgbà tí ẹ bá pè mí.” Mo mọ ohun tó fà á, gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn ẹni tí wọ́n gba èrò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ kì í dáàbò bo èrò lásán. Bí a ṣe kọ èrò náà sílẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ẹni tó ní “ìtàn ìbejì kan tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀” kò ní nǹkan tí òfin lè bá a gbà padà. Ẹni tó ní ìwé eré tó pé, tó ní déètì lórí rẹ̀, tí ó ti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olóòtú rẹ̀, òun ni ó ní ohun tí ó lè mú dúró. Ìfipamọ́ kì í dáàbò boni níbí. Ìsọnísókí tí kò ní òpin, ojú ẹni tí kò mọ òpin ni wọ́n máa fi wò ó.

Èkejì ni irọ́ olóòtú. Àwọn kan máa ń kọ orúkọ olóòtú ńlá sínú lẹ́tà nítorí pé ó dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù. Àwọn ilé yìí máa ń béèrè. Ayé fíìmù kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ, bí orúkọ èèyàn bá sì bàjẹ́ níbì kan, ó di dandan kó bàjẹ́ níbòmíràn. Ẹ wo bí obìnrin wa ṣe kọ tirẹ̀: olóòtú ti fọwọ́ síwèé, owó yíyà kò tíì sí. Gbólóhùn méjì, kò sì sí ẹni tó lè mú un nínú wọn.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin olóòtú tí ẹ wà níwájú. Àwọn ọmọ yìí á máa wá bá yín fún ìwé ìfọwọ́sí, àwọn kan ti wá tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí i nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ má sì lé e padà nítorí pé kò tíì ní owó. Ẹ ní kó gbé ìwé eré náà wá. Ẹ kà á dé òpin. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí ó ti ta kókó. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó padà lọ wá a. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ẹ fọwọ́ síwèé fún un.